Ọ̀rọ̀ kan péré nínú ìwé àdéhùn: bí àbítíréṣọ̀n ṣe yàtọ̀ sí ilé ẹjọ́, àti ọ̀nà tí owó ìdájọ́ ń gbà jáde

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kínní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó epo rọ̀bì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ P&ID, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn Erékùṣù Wọ́jìn tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ gáàsì ni. Nàìjíríà yóò máa fún wọn ní gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn náà yóò kọ́ ibùdó kan sí agbègbè Kàlàbá, wọn yóò yọ àwọn èròjà olówó ńlá inú gáàsì náà tà, wọn yóò sì dá èyí tó kù padà fún ìjọba láti fi ṣe iná mànàmáná. Ogún ọdún ni wọ́n dá fún un. Ìjọba kò fún wọn ní gáàsì kankan, àwọn náà kò kọ́ ibùdó kankan. Síbẹ̀, nígbà tó máa fi di ọdún 2023, owó tí wọ́n ní Nàìjíríà jẹ ilé iṣẹ́ yìí ti lé ní bílíọ̀nù 11 dọ́là.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n bínú, wọ́n sì tún yọ̀ nígbà tí Nàìjíríà jàre. Ṣùgbọ́n ohun tó bí gbogbo rẹ̀ kò tó ojú ìwé kan. Ó wà ní awẹ́ ogún ìwé àdéhùn náà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òfin Nàìjíríà ni yóò máa darí àdéhùn, pé bí ìjà bá dé, àbítíréṣọ̀n ni wọn yóò fi yanjú rẹ̀ lábẹ́ òfin àbítíréṣọ̀n Nàìjíríà, àti pé ibi tí ìgbẹ́jọ́ náà yóò ti wáyé ni Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ tú wò, nítorí irú rẹ̀ wà nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọwọ́ bọ̀ láì kà á dé ìsàlẹ̀.

Àbítíréṣọ̀n kì í ṣe ìlàjà. Nínú ìlàjà, bóyá níwájú mọ́gàjí ni o tàbí níwájú lọ́yà, alárinà á bẹ̀ yín, á fi ọ̀rọ̀ tútù sí i, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú yín bá ní òun kò gbà, ọ̀rọ̀ ti túká nìyẹn. Ẹjọ́ ni àbítíréṣọ̀n ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ilé ẹjọ́ ni pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ yan ẹni tó máa dá a, ẹ̀yin lẹ máa san owó iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ará ìta tó máa wọlé wá gbọ́ ọ. Èmi á máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní adájọ́-àyàn. Ohun tí adájọ́-àyàn bá sọ ti sọ. Kò sí pé inú ẹ kò dùn sí i, kí o wá gbé e lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn bí èèyàn ṣe ń gbé ẹjọ́ láti Àkúrẹ́ dé Àbújá.

Àtọjọ́ tí o ti tọwọ́ bọ irú awẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ti gbé ọ̀nà ilé ẹjọ́ jù sílẹ̀. Bí ìjà bá dé tí o sáré lọ pe ẹjọ́ sí kóòtù gíga, ohun tí ẹnìkejì rẹ máa ṣe kò ju pé kó mú ìwé àdéhùn dání lọ bá adájọ́, kó ní kó dá ẹjọ́ náà dúró. Abala karùn-ún Òfin Àbítíréṣọ̀n àti Ìlàjà ti ọdún 2023 sọ pé kí adájọ́ dá a dúró, àfi bí àdéhùn àbítíréṣọ̀n náà kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tàbí tí kò ṣeé mú lò. Ibì kan ṣoṣo ni olùjẹ́jọ́ lè gbé sọ ẹ̀tọ́ yìí nù: bó bá ti fi ìdáhùn rẹ̀ sí kókó ẹjọ́ sílẹ̀ kó tó rántí àdéhùn, ó ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló ti ṣe irú àṣìṣe yìí, oníbàárà wọn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti gáàsì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, P&ID pe àbítíréṣọ̀n, wọ́n ní ìjọba ti ba àdéhùn jẹ́. Wọ́n yan adájọ́-àyàn tiwọn, Sir Anthony Evans, tó ti ṣe adájọ́ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà yan Olóyè Bayọ̀ Òjó tó ti jẹ́ mínísítà fún ètò ìdájọ́. Lord Hoffmann ló ṣe alága. Ní ọdún 2015, wọ́n ní Nàìjíríà jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kínní ọdún 2017, méjì nínú wọn ní kí Nàìjíríà san nǹkan bíi bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, ìyẹn èrè tí P&ID ì bá jẹ fún ogún ọdún bí iṣẹ́ náà bá lọ. Olóyè Òjó kò fara mọ́ ọn. Iye tí òun rò pé ó tọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 250 dọ́là. Àwọn méjì ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n tún fi èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún lé e, wọ́n sì ní kí wọ́n kà á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 2013.

Ẹ fara balẹ̀ wo èlé yẹn. Ìdá méje bílíọ̀nù 6.6 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 460 dọ́là lọ́dún kan. Bí a bá pín in fún ọjọ́, ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lójúmọ́, yálà wọ́n ń ṣẹjọ́ ni o, yálà wọ́n ń sinmi ọdún Kérésì ni. Ìdí nìyẹn tí gbèsè náà fi di bílíọ̀nù 9.6 nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2019.

Àmọ́ ìdájọ́ adájọ́-àyàn fúnra rẹ̀ kò lè kó ìgò omi kan lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Adájọ́-àyàn kò ní bélífù, kò ní ọlọ́pàá, kò lè kọ̀wé sí báńkì pé kó ti àkáǹtì. Ẹni tó jàre gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ìlú tí dúkìá ẹni tó jẹ̀bi wà, kí ilé ẹjọ́ yẹn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú un ṣẹ bí ẹni pé ìdájọ́ tirẹ̀ ni. Níbi tí àbítíréṣọ̀n àti ilé ẹjọ́ ti tún padà pàdé nìyí. Àwọn tó sá fún kóòtù á tún kan ìlẹ̀kùn kóòtù níkẹyìn, ohun tí wọ́n sì ń bá a wá ti yàtọ̀: wọn kò ní kó gbọ́ ẹjọ́, wọ́n ní kó fi agbára ìjọba ti ohun tí a ti dá lẹ́yìn.

Ohun tí P&ID ṣe gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Adájọ́ Butcher ní ilé ẹjọ́ gíga Lọ́ńdọ̀nù gbà pé kí wọ́n mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ ní òun á dá ọwọ́ wọn dúró díẹ̀, bí Nàìjíríà bá gbé mílíọ̀nù 200 dọ́là kalẹ̀ fún ìdúró.

Ẹ lè bi mí pé kí ló gbé ọ̀rọ̀ gáàsì Kàlàbá, tí òfin Nàìjíríà ń darí, dé iwájú adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ìgbẹ́jọ́ àbítíréṣọ̀n ní ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ibùjókòó. Kì í ṣe gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pàdé ni wọ́n ń sọ. Wọ́n lè pàdé ní Dùbáì, wọ́n sì lè ṣe é lórí fóònù. Ibùjókòó ni ìlú tí ilé ẹjọ́ rẹ̀ ní agbára láti ṣọ́ àwọn adájọ́-àyàn náà, òun nìkan ló sì lè fagi lé ìdájọ́ wọn. Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù tí a kọ sínú ìwé kò ju ibi tí a ti máa jókòó sọ̀rọ̀ lọ, pé ìwé fúnra rẹ̀ ti dárúkọ òfin àbítíréṣọ̀n Nàìjíríà, nítorí náà Nàìjíríà ni ibùjókòó. Wọ́n lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Èkó, wọ́n sì gba àṣẹ níbẹ̀ ní ọdún 2016. Àwọn adájọ́-àyàn kò gbà. Wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ni ibùjókòó, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tó yá, Adájọ́ Butcher náà sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹni tó kọ ìwé yẹn ní ọdún 2010 ti fi ìlà kan kún un pé Èkó tàbí Àbújá ni ibùjókòó, ọ̀nà mìíràn pátápátá ni ẹjọ́ yẹn ì bá gbà.

Ohun tó wá le jù ni pé ilé ẹjọ́ ibùjókòó kì í bi ara rẹ̀ pé ṣé àwọn adájọ́-àyàn dá a re. Ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ òfin àbítíréṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1996 kò pọ̀. Ọ̀kan ni pé àwọn adájọ́-àyàn kò ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà rárá. Èkejì ni pé wọ́n ṣe ohun kan tó burú nínú ìgbẹ́jọ́, tàbí pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n ṣi òfin lò, ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí kàn. Nítorí pé òfin Nàìjíríà ló ń darí àdéhùn gáàsì, ìlẹ̀kùn kẹta yìí ti pa mọ́ Nàìjíríà lójú. Ìyẹn ni pé bí bílíọ̀nù 6.6 bá tilẹ̀ jẹ́ ìṣirò òdì gbáà, ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò ní ohun tó lè ṣe sí i. Àkókò sì wà fún un: ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré lẹ́yìn ìdájọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Nàìjíríà tó wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta.

Ìlẹ̀kùn jìbìtì ló kù. Àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì láti gba àkọsílẹ̀ àwọn báńkì ibẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ owó dọ́là ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìwé báńkì wọ̀nyẹn ló fi ọ̀nà tí owó gbà rìn hàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, adájọ́ mìíràn ní ilé ẹjọ́ gíga Lọ́ńdọ̀nù, Sir Ross Cranston, ní ohun tí òun rí tó láti yọ̀ǹda fún Nàìjíríà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles sì dá a ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹwàá.

Ohun mẹ́ta ló rí. Èkíní, P&ID fún agbẹjọ́rò àgbà ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì tó wà nídìí àdéhùn náà ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní owó lọ títí di àsìkò ìgbẹ́jọ́, kí aṣírí má bàa tú sí àwọn adájọ́-àyàn lọ́wọ́. Èkejì, Michael Quinn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ bura lórí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé irọ́ ni nípa bí àdéhùn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìwé àṣírí tí Nàìjíríà àti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ fi ń gba ara wọn nímọ̀ràn ń bọ́ sọ́wọ́ P&ID nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, wọ́n sì ń pa á mọ́, wọ́n ń lò ó. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá, ó fagi lé ìdájọ́ náà pátápátá, kò dá a padà fún àwọn adájọ́-àyàn.

Ohun kan wà nínú ìdájọ́ Knowles tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn fún ìjọba wa fi sọ́kàn. Ó ní ìkọ̀kọ̀ tí àbítíréṣọ̀n ń lò jẹ́ ara ohun tó jẹ́ kí jìbìtì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ láìsí ẹni tó rí i. Kò sí oníròyìn nínú yàrá, kò sí ará ìlú tó lè bèèrè pé irú iṣẹ́ wo nìyí. Agbẹjọ́rò Nàìjíríà kò já fáfá, àwọn adájọ́-àyàn sì gbé ẹjọ́ karí ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn. Lójú tèmi, bí owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, kò yẹ kí ìlú máa gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìtàn yìí lè sọ pé òun kò ní tọwọ́ bọ àbítíréṣọ̀n láé. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò kòkó kan ní Ìdànrè, tó kó kòkó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ámsítádámù, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 yúrò. Kò sí dúkìá wọn kankan ní Nàìjíríà. Bó bá pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù gíga Àkúrẹ́, tó jàre, tí wọ́n sì tún pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó lè lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á wá gbé ìdájọ́ náà lọ sí Ámsítádámù, níbi tí kò ti sí àdéhùn kankan láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì lórí mímú ìdájọ́ kóòtù ara wọn ṣẹ. Ẹjọ́ tuntun ló máa pè níbẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ wọn, kí wọ́n tó wo èyí tó gbé wá.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ìdájọ́ adájọ́-àyàn ló gbé lọ, àdéhùn wà. Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì ní ọdún 1958, Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1970, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ báyìí lé ní 170, Nẹ́dálándì sì wà lára wọn. Ìwé méjì pàtàkì ló máa fi lọ: ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀, tàbí ẹ̀dà tí a fọwọ́ sí, àti ìwé tí awẹ́ àbítíréṣọ̀n wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé awẹ́ tí ẹ kò kà yẹn tún ni kọ́kọ́rọ́ owó yín. Bí ẹ bá sọ ìwé àdéhùn nù, wàhálà ti dé. Ohun tí ilé iṣẹ́ Ámsítádámù lè fi tako o kò pọ̀, kò sì sí "wọn ò dá a re" nínú rẹ̀. Èyí tí mo máa ń rí i pé àwọn èèyàn wa fi ń ṣubú jù ni kí ẹnìkejì sọ pé wọn kò fi ìwé ìpè ẹjọ́ tó òun létí dáadáa. Nítorí náà, gbogbo ímeèlì, gbogbo rìsíìtì kúríà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Awẹ́ tó máa gbà á là kò gùn. Ó kàn ní láti sọ pé: "Adájọ́-àyàn kan ṣoṣo ni yóò parí gbogbo ìjà tó bá jáde láti inú àdéhùn yìí. Ibùjókòó àbítíréṣọ̀n náà ni Èkó, ní Nàìjíríà. Òfin Nàìjíríà ló ń darí àdéhùn yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò lò." Kó má kọ "ibi tí a ti máa pàdé" kó wá rò pé òun ti kọ ibùjókòó. Kó má sì kọ "a lè lọ" níbi tó yẹ kó kọ "a gbọ́dọ̀ lọ". Kó sì kọ́kọ́ ṣírò iye owó tó wà nínú ọjà rẹ̀, nítorí adájọ́ ìjọba kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ṣùgbọ́n adájọ́-àyàn ń gbà á. Fún gbèsè ẹgbẹ̀rún márùn-ún yúrò, owó adájọ́-àyàn àti ti lọ́yà lè jẹ gbogbo ohun tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù. Ní ọdún 1997, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wa dá ẹjọ́ City Engineering àti Federal Housing Authority. Ilé iṣẹ́ náà ti jàre níwájú adájọ́-àyàn, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa lọ sí kóòtù pé kí wọ́n mú un ṣẹ, ọdún mẹ́fà tí òfin fún un ti kọjá bí a bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ba àdéhùn jẹ́. Kóòtù ní ọjọ́ yẹn ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́, owó náà sì wọmi. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti tún èyí ṣe: abala kẹrìnlélọ́gbọ̀n ní kí a yọ gbogbo àkókò tó wà láàrin ìgbà tí àbítíréṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìdájọ́ jáde kúrò nínú kíkà. Àmọ́ kò yọ àkókò tó ṣáájú rẹ̀. Bí oníṣòwò kòkó wa bá fi ọdún mẹ́rin bẹ àwọn ará Ámsítádámù lórí fóònù kó tó pe àbítíréṣọ̀n, ọdún méjì ló kù fún un lẹ́yìn ìdájọ́ láti fi dé iwájú adájọ́ ní ilé níbí.